Owó alájẹṣẹ́kù ₦1,200,000: ṣé kí n kó o ra ìpín ìdókòwò lẹ́ẹ̀kan ni, àbí kí n máa rà á díẹ̀díẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọdún tuntun 2025. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ₦210,000 sì ni owó oṣù mi. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ti ń yọ ₦30,000 lóṣooṣù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa. Oṣù Kejìlá tó kọjá ni wọ́n pín in, tèmi pẹ̀lú èrè sì jẹ́ ₦1,200,000.

N kò ra ìpín ìdókòwò rí láyé mi. Mo ti ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà kan, nọ́ńbà CSCS mi, èyí tí wọ́n fi ń mọ ìpín tó jẹ́ tèmi lọ́jà, ti jáde. Ohun tí mo fẹ́ rà ni àpò ìdókòwò àjùmọ̀ní tó ń ra ìpín àwọn iléeṣẹ́ ọgbọ̀n tó tóbi jù lọ́jà, nítorí n ò mọ iléeṣẹ́ tí ǹ bá mú. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n kó gbogbo owó náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá mi ní rárá, kí n pín in sí méjìlá, kí n máa fi ₦100,000 rà lóṣooṣù, pé dọ́là-kọ́ọ̀sì áfẹ́rééjìn ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, mo lè máa yọ ₦40,000 nínú owó oṣù mi láti ìsinsìnyí lọ. Ta ló sọ òótọ́ nínú àwọn méjèèjì?

Baba Ìbejì Ṣàgámù
Ọ̀gá yín ló sọ òótọ́. Rírà díẹ̀díẹ̀ ló máa ń borí nígbà gbogbo, ìṣirò sì wà fún un.

Ká ní ₦300,000 lẹ ní, tẹ́ ẹ sì fi ₦100,000 rà lóṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù kìíní, ẹyọ kan jẹ́ ₦100, ẹ rí ẹyọ 1,000. Oṣù kejì, ó já wálẹ̀ sí ₦75, ẹ rí 1,333. Oṣù kẹta, ó padà sí ₦100, ẹ tún rí 1,000. Ẹyọ 3,333 ló wà lọ́wọ́ yín, iye rẹ̀ sì ti lé ní ₦333,000. Ẹni tó kó ₦300,000 tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ẹyọ 3,000 péré ló ní, owó ẹ̀ ò kúrò lójú kan. Nígbà tí ọjà bá wọ́n, owó yín á ra díẹ̀. Nígbà tó bá dínwó, á ra púpọ̀. Nítorí náà, iye tí ẹ fi ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan á máa kéré sí àròpín iye tó ń tà lọ́jà. Kò sí bí ẹ ṣe lè pàdánù níbẹ̀.

Fẹ́mi Àkúrẹ́
Ẹ̀yin ò tíì rí ọ̀nà tó yá jù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun téèyàn fi pamọ́. Tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin ni, màá dá owó yẹn padà fún wọn, màá yá ₦2,400,000, màá kó gbogbo ẹ̀ ra ìpín lẹ́ẹ̀kan, màá wá máa fi owó oṣù san án díẹ̀díẹ̀. Àwa mẹ́ta la ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́fíìsì wa ní ìparí 2023, inú wa sì dùn.

Mọ́súdì Ìjẹ̀bú
Ẹ kú ìjíròrò o. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò lọ́fíìsì alágbàtà kan ní Márínà kí n tó kúrò, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí mi.

Baba Ìbejì, ìṣirò yín tọ̀nà, àmọ́ oríṣi ọjà kan ṣoṣo lẹ yàn, èyí tó ṣubú tó sì dìde padà. Ẹ fi ìṣirò kan náà sínú ọjà tó ń gòkè. Oṣù kìíní ₦100, ẹ rí 1,000. Oṣù kejì ₦125, ẹ rí 800. Oṣù kẹta ₦150, ẹ rí nǹkan bí 667. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,467. Tẹ́ ẹ bá fi ₦150 ṣírò ẹ̀, nǹkan bíi ₦370,000 ni. Ẹni tó kó ₦300,000 sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ní ẹyọ 3,000 tó jẹ́ ₦450,000. Òótọ́ ni pé ₦121 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ lẹ fi ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí àròpín ọjà sì jẹ́ ₦125, ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n ₦100 lẹnì kejì fi rà á. Àròpín ọjà kọ́ lẹ ń bá figagbága, iye tó ń tà lọ́jọ́ tí owó wọlé sí yín lọ́wọ́ ni.

Ọjà tiwa gan-an nìyí, kì í ṣe àlọ́. Ní ìparí 2023, àtọ́ka gbogbo ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá iye ìpín lápapọ̀ ń gòkè tàbí ó ń wálẹ̀, wà ní 74,773. Ní ìparí 2024, ó wà ní 102,926, ìyẹn ni pé ó fi ìdá 37 nínú 100 gòkè. Ẹ wá wo ibi tí gbogbo gígòkè yẹn wà: oṣù Kìíní 2024 nìkan ṣoṣo ni. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kọjá 100,000. Láti ìgbà yẹn títí ọdún fi parí, ó ń lọ ó ń bọ̀ láyìíká ibẹ̀ ni. Ẹni tó kó ₦1,200,000 sílẹ̀ kí 2024 tó bẹ̀rẹ̀, owó ẹ̀ ti dé nǹkan bíi ₦1,650,000 níparí ọdún. Ẹni tó pín in sí méjìlá, ₦100,000 àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ nínú oṣù Kìíní yẹn. Gbogbo tiẹ̀ lápapọ̀ á wà láyìíká ₦1,280,000.

Ìwádìí kan wà tí iléeṣẹ́ Vanguard ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2012 (kì í ṣe ìwé ìròyìn Vanguard tiwa o). Wọ́n wo ọjà Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó àti Ọsirélíà, wọ́n fi kíkó owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wé pípín in sí oṣù méjìlá. Nígbà mẹ́ta, kíkó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan borí ní bí ìgbà méjì. Ìdí ẹ̀ ò le: ọjà a máa gòkè ju bó ṣe ń wálẹ̀ lọ, owó tí kò sì tíì wọlé kò lè gòkè pẹ̀lú ẹ̀.

Fẹ́mi, àbúrò mi, oṣù Kìíní 2024 yẹn ló gbè yín. Gbèsè tí ẹ ó máa san lóṣooṣù kò ní dúró de ọjà. Ẹ má kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nírú ẹ̀.

Ìyá Kọ́lá Abẹ́òkúta
Mọ́súdì, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Tíṣà ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní 2007, gbogbo stáàfù-rúùmù wa ló ń kún fọ́ọ̀mù ìpín ìdókòwò báńkì. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù wá láàárín ìsinmi ọ̀sán, a ó máa yá bírò lọ́wọ́ ara wa. Owó tí mo fẹ́ fi ra ilẹ̀ ni mo kó lé e, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Àwọn kan tiẹ̀ yá owó báńkì kún tiwọn, irú èyí tí Fẹ́mi ń wí yìí.

Nígbà tí ọdún náà fi parí, ohun tí mo ní ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ mọ́. Ní ọdún kejì, ó tún rẹ̀ sí i. Sátífíkéètì náà ṣì wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, etí wọn ti pọ́n. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kò bá mi jà, àmọ́ láti ìgbà yẹn, tó bá ti gbọ́ "ṣíà" lórí rédíò, ó máa ń dìde kúrò níbẹ̀ ni. Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀ ni o. Díẹ̀díẹ̀.

Mọ́súdì Ìjẹ̀bú
Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Mo rántí ìgbà yẹn dáadáa. Níparí 2007, àtọ́ka ọjà wà ní 57,990. Níparí 2008, 31,450. Níparí 2009, 20,827. Ibi gíga tó dé ní oṣù Kẹta 2008, ó di ọdún 2023 kó tó padà débẹ̀, náírà ìgbà náà kì í sì í ṣe náírà ìsinsìnyí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ká ní ẹ pín owó yẹn sí méjìlá láti ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ṣé ẹ ò ní pàdánù? Lóòótọ́, ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ì bá kéré sí ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí 2008 bá fi parí, gbogbo owó náà á ti wọlé tán, 2009 á sì tún gé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà gan-an nìyí. Rírà díẹ̀díẹ̀ ń dáàbò bo owó tó ṣì wà níta nìkan. Lọ́jọ́ tí ìpín kejìlá bá wọlé, ẹ̀yin àti ẹni tó kó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti wà nínú ọkọ̀ kan náà. Tí ọjà bá já ní oṣù kẹtàlá, ńkọ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín, Màmá, kì í ṣe pé ẹ yára jù. Owó ilẹ̀ ni ẹ kó lọ síbẹ̀. Iye tó yẹ kó wà nínú ìpín ìdókòwò ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí a ó ṣe yára tó ló tẹ̀lé e.

Àbẹ̀kẹ́, ẹ dá mi lóhùn: nínú ₦1,200,000 yẹn, èló lẹ máa nílò kí ọdún yìí tó parí?

Táíwò Pẹ́kámù
Ẹ kú iṣẹ́ o láti Lọ́ńdọ̀nù. Àkáǹtì ISA, ti ìdókòwò tí ìjọba Bìrìtìkó kì í gba owó orí lé lórí, ni kí ẹ lò, ẹ má jẹ́ kí April 5 kọjá, nítorí £20,000 tí wọ́n gbà yín láyè lọ́dún kì í rékọjá sí ọdún tó tẹ̀lé e. Èmi máa ń kó tèmi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kẹrin, n kì í pín in.

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n Táíwò, àmọ́ Ìbàdàn ni mo wà, náírà sì ni tèmi.

Ọ̀gbẹ́ni Mọ́súdì, ìbéèrè yín dá mi dúró. Owó ilé wa, ₦400,000, yóò pé ní oṣù Kẹwàá, onílé wa ò sì mọ àlàyé. Nínú owó yìí ni mo ti ní lọ́kàn láti san án. Mo rò pé kí n jẹ́ kó jèrè díẹ̀ kó tó dìgbà yẹn ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí owó kankan nílẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀ pé ọmọ ṣàìsàn.

Mọ́súdì Ìjẹ̀bú
Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́. Owó ilé ò gbọdọ̀ dé ọjà ìpín rárá, yálà lẹ́ẹ̀kan tàbí díẹ̀díẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án kéré jù. Tó bá já ní oṣù Kẹsàn-án ńkọ́, ṣé onílé á dúró de kó dìde? Ẹ kó o sí àpò ìdókòwò mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń yá ìjọba àti báńkì lówó fún àkókò kúkúrú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń san bí ìdá 20 nínú 100 lọ́dún. ₦400,000 fún oṣù mẹ́sàn-án á mú bíi ₦60,000 wá. Ẹ tún yọ ti àìsàn àti ìdágìrì sọ́tọ̀, ibẹ̀ náà ni kó wà, torí ẹ lè gbà á láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì yìí gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn òyìnbó. Tẹ́ ẹ bá ń pín owó, ibo ni èyí tó kù yóò máa dúró? Tó bá wà ní àkáǹtì báńkì lásán, ọ̀wọ́ngógó ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ pín ₦1,200,000 sí méjìlá, tí èyí tó kù sì wà ní mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìpín àkọ́kọ́, ₦1,100,000 ló ń jèrè, lóṣù kejì ₦1,000,000, bẹ́ẹ̀ títí tó fi tán. Èrè tó máa mú wá ní ìdá 20 á tó ₦110,000. Níbi tí èlé ga tó báyìí, dídúró ò gbówó tó bó ṣe gbówó ní ìlú Táíwò. Nítorí náà n ò ní bá ẹnikẹ́ni jà tó bá ní òun máa pín in. Àmọ́ ẹ rántí 2024: kódà pẹ̀lú ₦110,000 yẹn, ẹni tó pín in ò tó ₦1,400,000, ẹnì kejì sì wà ní ₦1,650,000.

Ṣadé Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹnì kan ò tíì dáhùn lórí ₦40,000 owó oṣù. Ṣé ìyẹn náà, kó máa rà á díẹ̀díẹ̀ ni àbí kó kó o jọ kó tó rà á lẹ́ẹ̀kan?

Mo bi í torí mo ti jìyà ẹ̀. Mo ní kí báńkì máa yọ ₦25,000 fún mi ní ọjọ́ 25 oṣù. Iléeṣẹ́ wa máa ń pẹ́ san owó, nígbà míì ó máa ń di ọjọ́ kẹta oṣù tuntun. Ọjọ́ 25 á dé, báńkì á wò, kò sí nǹkan níbẹ̀, kò ní yọ ọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi rò pé mo ń rà, n ò mọ̀ pé mi ò ra ẹyọ kan. Ìgbà tí mo ṣí ìwé àkáǹtì wò ni mo rí i. Ẹ wò ó kí ẹ tó sùn lọ́jọ́ tí owó yẹ kó lọ.

Mọ́súdì Ìjẹ̀bú
Ṣadé, ìbéèrè gidi. ₦40,000 ti owó oṣù, kò sí yíyàn níbẹ̀. Kò tíì sí lọ́wọ́ yín, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Bó bá ṣe ń dé ni kí ẹ máa rà. Àwọn èèyàn ń pe èyí náà ní rírà díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ yín lóṣù yẹn lẹ ń kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àríyànjiyàn wa dá lórí owó tó ti wà nílẹ̀ nìkan.

Ti owó ìdúnàádúrà: tẹ́ ẹ bá ń ra ìpín fúnra yín, owó iṣẹ́ alágbàtà kì í kọjá ìdá 1.35 nínú 100, ti ìjọba àti owó orí á tẹ̀lé e. Torí pé ìdá ni, pípín ò fi kún un. Ohun tó ń fi kún un ni tí alágbàtà bá ní iye kan tí kì í lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Ká ní ó ní òun kì í gbà tó kéré sí ₦1,000. Lórí ₦40,000, ìyẹn ti jẹ́ ìdá 2.5, lóṣooṣù. Ẹ bi í kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa rà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta.

Baba Ìbejì Ṣàgámù
Mo gbà pé "nígbà gbogbo" tí mo sọ ti pọ̀ jù. Àmọ́ Mọ́súdì, ẹ ti gbàgbé ọkàn èèyàn. Ìwádìí ò mọ bó ṣe ń rí lára nígbà tí ẹni tó ń ra nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́ bá jí lọ́jọ́ keje tó sì rí i pé ₦80,000 ti lọ. Ìyàwó mi tà lọ́jọ́ kẹsàn-án. Kò padà síbẹ̀ mọ́ títí dòní. Ẹni tó rà díẹ̀díẹ̀ tí kò sá, ó sàn ju ẹni tó rà lẹ́ẹ̀kan tó sì sá lọ.

Mọ́súdì Ìjẹ̀bú
Òótọ́ pọ́ńbélé, n ò lè jiyàn ìyẹn. Mo rí irú ìyàwó yín lọ́fíìsì wa lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóṣù. Ṣùgbọ́n mo tún rí irú kejì: ẹni tó pín owó sí méjìlá, ọjà já lóṣù kẹrin, ó ní "ẹ jẹ́ n dúró ná," kò sì ra ìpín karùn-ún. Ìgbà tó dínwó gan-an tó yẹ kó rà ló dúró. Ìyẹn kì í ṣe rírà díẹ̀díẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá máa pín in, ẹ kọ ọjọ́ àti iye sílẹ̀ ṣáájú, ẹ má pín in kọjá oṣù mẹ́rin tàbí mẹ́fà.

Ìyá Kọ́lá Abẹ́òkúta
Àbẹ̀kẹ́, ọ̀nà tí mo fi ń dán ara mi wò báyìí nìyí. Ìdá tó ṣẹ́ kù nínú tèmi lọ́dún 2008 lé díẹ̀ ní ìdajì. Mú iye tí o fẹ́ kó síbẹ̀, wo ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì rẹ̀. Tí ₦600,000 bá di ₦325,000, ṣé wàá lè jókòó fún ọdún márùn-ún láìtà á? Tí o bá ní rárá, dín in kù. Mọ́súdì ti yí mi lọ́kàn padà dé ibi pé iye ló ṣe pàtàkì jù. Àmọ́ èmi ò ní kó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ́ láyé.

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo jókòó sí i lánàá pẹ̀lú ọkọ mi, a fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. ₦400,000 owó ilé àti ₦200,000 ti ìdágìrì lọ sí mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí. ₦600,000 ló kù fún ìpín. Mo bi ara mi ní ìbéèrè Màmá, ₦325,000 dùn mí, àmọ́ mo lè jókòó. Mo ti ra ₦300,000 lónìí. ₦100,000 á lọ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì, Kẹta àti Kẹrin, ọkọ mi ló mú kàlẹ́ńdà náà kó máa bá mi wò ó. ₦40,000 owó oṣù, ọjọ́ karùn-ún ni mo fi í sí, torí ohun tí Ṣadé sọ. Mo pe alágbàtà mi, kò ní iye tí kì í lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Àbúrò mi ní ojo ni mí.

Mọ́súdì Ìjẹ̀bú
Kì í ṣe ojo. Èmi ìbá rà á tán lónìí, torí ₦600,000 yẹn kò ní iṣẹ́ míì. Ohun kan ló kù: ₦300,000 tó ń dúró yẹn, ṣé ó ti wà ní mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn yòókù, àbí ó ṣì wà ní báńkì?

Àbẹ̀kẹ́ Bódìjà
Ó ṣì wà ní báńkì o! Mo ń lọ gbé e báyìí.